₦34,000 Yẹn, Ìdá Mélòó Ni?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Màmá rẹ sọ fún mi pé o ti há ìdáhùn ìbéèrè àtẹ̀yìnwá Wáẹ́ẹ̀kì ọdún márùn-ún sórí, ti mátíìsì. Inú wọn ń dùn. Ẹ̀rù ló bà mí ní tèmi, torí mo ṣe irú rẹ̀ rí. Mo há ìṣirò èrè kan débi pé bí mo bá dijú, mo lè kọ ọ́. Nígbà tá a dé gbọ̀ngàn ìdánwò, àdánù ni wọ́n béèrè. Mo kọ 115 síbi tó yẹ kí n kọ 85.

Wo irú ìbéèrè náà. Ẹnì kan ta fóònù ní ₦34,000, ó pàdánù ìdá 15 nínú 100. Èló ni ì bá tà á kó lè jèrè ìdá 20 nínú 100? Ìlà kìíní ìdáhùn inú ìwé máa ń rí báyìí:

85/100 × owó tó fi rà á = 34,000

Dúró níbẹ̀. Níbo ni 85 ti wá? Ìwé kì í sábà sọ. Owó tó fi ra ọjà la fi ń wọn àdánù, kì í ṣe owó tó tà á. Owó tó fi rà á ni 100. 15 ti lọ, 85 ló kù, òun ló di ₦34,000. Ìdá kan wá jẹ́ ₦400, owó tó fi rà á jẹ́ ₦40,000. Fún èrè, 120 la ó mú: ₦48,000.

Ẹni tí kò mọ ibi tí 85 ti wá á wá ìdá 15 nínú ₦34,000, á rò ó mọ́ ọn, á rí ₦39,100. Ó sún mọ́ ọn tó láti tanni jẹ. Ṣùgbọ́n dá a padà: yọ ìdá 15 kúrò nínú ₦39,100, ₦33,235 lo máa rí. Yọ ọ́ kúrò nínú ₦40,000, ₦34,000 jáde gẹ́lẹ́.

Nítorí náà, fi pépà bo ìdáhùn, kó o kọ́kọ́ jà á fúnra rẹ. Ibi tó o bá há sí, ṣí ìlà kan péré, kó o kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu tìrẹ. Bí o ò bá rí ìdí kọ, ìlà yẹn gan-an ni kó o bi tíṣà rẹ. (Àwọn ìwé yìí náà máa ń ṣì í tẹ̀. Bí o bá dá ìdáhùn wọn padà sí ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì, tí kò bá a mu, fura sí ìwé.)

Gba eléyìí: ẹnì kan ta àpò gàrí ní ₦46,000, ó jèrè ìdá 15 nínú 100. Èló ló rà á? Má wulẹ̀ kọ iye nìkan o, ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ rí tí mo bá dé ní Sátidé. Bá mi kí màmá rẹ.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ.