Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Bí A Ṣe Ń Se Ágà àti Omitoro Ìdánwò, àti Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ìsè Kan Mọ́

Ẹ̀kọ́ tòní kan gbogbo ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá, sobo, wàrà àti ohun mímu mìíràn tí a ń mú wá sí yàrá ìdánwò ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ mú ọ̀rá omi márùn-ún wá. A da omi ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sínú àwo ágà méjì, ó di àwo mẹ́wàá. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kòkòrò ti hù nínú gbogbo wọn. Àwọn kan ti ń sọ pé kí ìyá náà lọ kó gbogbo omi rẹ̀ kúrò lọ́jà. A ní ẹ dúró ná. A yọ àwo méjì tí a kò da omi kankan sí nínú ìsè kan náà. Àwọn náà ti hù! Irú kòkòrò kan náà ni, ó funfun, ó gbẹ, ó tẹ́ rẹrẹ. Ẹ̀bi kì í ṣe ti omi, ti ìsè wa ni. Bí kò bá jẹ́ ti àwo méjì yẹn, à bá ti ba ọjà ọlọ́jà jẹ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìsè kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

1. OHUN TÍ A Ń SÈ

Omitoro ìdánwò kò yàtọ̀ púpọ̀ sí omitoro ẹran tí ẹ mọ̀ nílé. Oúnjẹ kòkòrò àìfojúrí ni: ohun tó ṣan jáde lára ẹran àti ìwúkàrà, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Wọ́n ti lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun sínú ike. Ágà ni ohun tó ń mú kí omitoro náà dì bíi ẹ̀kọ tútù, kí kòkòrò kọ̀ọ̀kan lè dúró lójú kan, kó bí ọmọ títí tí a ó fi rí agbo rẹ̀ pẹ̀lú ojú lásán. Lára ewéko inú òkun ni ágà ti wá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Fanny Hesse, tó mọ̀ ọ́n lò nínú oúnjẹ nílé rẹ̀, ló dábàá rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1881. Láti ilé ìdáná ló ti wọ yàrá ìdánwò.

Lára ike tiwa, wọ́n ní kí a fi gíráàmù 13 ìyẹ̀fun omitoro sí lítà omi kan. Nǹkan bí ìdajì lítà là ń sè lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà gíráàmù 6.5 là ń wọ̀n. Omi tí a fi ooru sè kí a tó gbà á padà ni kí ẹ lò, ẹ má lo omi kànga tàbí omi bátìrì ẹ̀bá títì. Ẹ ro ó títí yóò fi yọ́ tán, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù.

2. pH: KÍKAN ÀTI KÍKORÒ

pH ni nọ́mbà tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tó, tàbí bó ṣe fara jọ omi eérú tó. 7 ni àárín. Ohun tó wà lábẹ́ 7 ti ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ohun tó ju 7 lọ ń lọ sí ọ̀nà eérú. Ike tiwa ní 7.4 ló yẹ, kó má sì lọ sókè tàbí wálẹ̀ ju 0.2 lọ. Ike mìíràn lè sọ nọ́mbà mìíràn. Ohun tí ike yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀lé.

Kí ló dé tí a fi ń ṣe wàhálà yìí? Bí omitoro bá kan jù, ọ̀pọ̀ kòkòrò kò ní hù nínú rẹ̀, ọjà tí kò dára yóò sì dà bí èyí tó mọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì ni pé, bí a bá se ágà nínú ohun kíkan, kò ní dì dáadáa, yóò máa rọ̀ bí ògì.

Kí ẹ tó fi ẹ̀rọ wọn pH, ẹ kọ́kọ́ fi omi ìdíwọ̀n tó jẹ́ 7 àti èyí tó jẹ́ 10 tún un ṣe. Omitoro náà gbọ́dọ̀ ti tutù dé nǹkan bí 25°C, torí nọ́mbà ohun gbígbóná máa ń tan ni jẹ.

Ẹ wo bí a ṣe ṣe é. A se mìlílítà 500, ẹ̀rọ sì kà 6.9. Ìyẹ̀fun wa ti fa omi díẹ̀ nínú ike, àbí omi wa ni? Ìyówù kó jẹ́, ó ní láti gòkè. Sódà kọ́sítíìkì, irú èyí tí àwọn aṣọṣẹ ń lò, là ń fi gbé e sókè. A fi gíráàmù 4 sínú omi, a sì sọ ọ́ di mìlílítà 100: èyí ni líle. A mú mìlílítà 10 nínú líle, a bu omi kún un di 100: èyí ni aláìlágbára. Sódà ni a ń dà sínú omi o, a kì í da omi lé sódà lórí, torí ó lè ta síni lójú.

A bu mìlílítà 50 omitoro sọ́tọ̀. A ń kán sódà aláìlágbára sí i ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, a ń rò ó, títí ẹ̀rọ fi kà 7.5. A fi díẹ̀ lé 7.4 nítorí pé sísè máa ń fà á wálẹ̀ díẹ̀. Mìlílítà 0.9 la lò. Èyí tó kù jẹ́ 450, ìlọ́po 9 ti 50. Ìlọ́po 9 ti 0.9 jẹ́ 8.1. Ṣùgbọ́n bí a bá da 8.1 sí i, omitoro yóò là. Líle ní agbára ìlọ́po 10, nítorí náà mìlílítà 0.81 líle tó. A kán an sí i, a sì tún wọ̀n ọ́. A da 50 ti àkọ́kọ́ nù.

Bí ẹ bá kọjá ibi tó yẹ, ẹ má máa fi ásíìdì fà á wálẹ̀, kí ẹ tún fi sódà gbé e sókè. Iyọ̀ ni ẹ ń kó jọ sínú rẹ̀ yẹn. Ẹ tún òmíràn sè.

3. PÍPÍN ÀTI SÍSÈ NÍNÚ ÌKÒKÒ PÍRẸ́ṢỌ̀

Nínú 450 yìí, a bu mìlílítà 200 sínú ìgò kéékèèké 20, 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omitoro nìyẹn. A fi gíráàmù 3.75 ágà sínú 250 tó kù, torí gíráàmù 15 ló ń lọ sí lítà kan. A gbé e kaná títí tó fi hó tí ágà sì yọ́ tán, à ń rò ó kó má baà jóná nísàlẹ̀. Ìgò kò gbọdọ̀ kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, ìdérí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ le.

Híhó lásán kò tó. Ẹ̀yin tó ń ta oúnjẹ mọ̀ pé ìrẹsì tí a sè lálẹ́ lè ti bàjẹ́ láàárọ̀. Àwọn kòkòrò kan wà tó ń dì sínú èèpo líle. Omi híhó kì í pa wọ́n, bó bá tutù tán, wọ́n á tún jí. Ohun tó ń pa wọ́n ni ooru 121°C fún ìṣẹ́jú 15, ìyẹn nígbà tí ojú ìwọ̀n ìkòkò pírẹ́ṣọ̀ bá dúró lórí 15.

Ibí yìí gan-an la ti ṣe àṣìṣe níjọ́sí. A ti ihò ìkòkò pa kíákíá, afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ooru. Ojú ìwọ̀n kà 15, ṣùgbọ́n ooru inú rẹ̀ kò dé 121. Ẹ jẹ́ kí ooru máa tú jáde láìdáwọ́dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ti ihò náà. Ìgbà tí ojú ìwọ̀n bá dé 15 ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú. Bó bá parí, ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tú u lójijì, gbogbo ìgò yóò hó dànù.

Bí ágà bá tutù débi tí ọwọ́ lè di ìgò rẹ̀ mú, nǹkan bí 45 sí 50°C, ẹ dà á sínú àwo, mìlílítà 20 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tiwa di àwo 12. Ẹ ti fèrèsé, ẹ pa fáànù, ẹ tan àtùpà sípíríìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

4. ṢÉ ÌSÈ YÌÍ MỌ́?

Ẹ kọ ọjọ́ sí ìdí gbogbo àwo. Ẹ mú àwo tí ẹ kọ́kọ́ dà àti èyí tí ẹ dà kẹ́yìn, pẹ̀lú ìgò omitoro méjì. Ẹ má fi nǹkan kan sí wọn. Ẹ kó wọn sínú àpótí amóoru ní 37°C fún wákàtí 48. Ẹ kó ìyókù sínú firíìjì, kí ẹ má sì lò wọ́n títí ẹ ó fi rí àbájáde.

Bí agbo kòkòrò bá wà lójú ágà nìkan, tó kéré, tó sì yàtọ̀ síra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú afẹ́fẹ́ ló ti bọ́ sí i nígbà tí a ń dà á. Bó bá wà nínú ikùn ágà, tí ó sì jọra nínú gbogbo àwo, kòkòrò ti wà nínú ìgò kí a tó dà á. Sísè ni kò jinná. Bí ti ìjọ́sí ṣe rí nìyẹn.

Ti omitoro, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bó bá dúdú lójú bí omi ògì, kòkòrò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó jáde nínú ìkòkò, ó lè jẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí sísè jù mú wá. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ fi ẹ̀kán kan sí àwo ágà tó mọ́, kí ẹ sì tún dúró.

Ẹ̀rí kan ṣì kù. Àwo tí kò hù nǹkan kan lè jẹ́ èyí tó mọ́, ó sì lè jẹ́ èyí tí nǹkan kò lè hù nínú rẹ̀ láéláé. Ẹ mú àwo kẹta, ẹ fi ìka tí ẹ kò fọ̀ kàn án, kí ẹ fi sínú àpótí pẹ̀lú ìyókù. Ó gbọ́dọ̀ hù. Bí kò bá hù, ẹ padà sí pH yín. Ìdánwò ojú lásán nìyí. Àwọn ilé ìdánwò ńlá ń lo kòkòrò tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ má ṣe lo àwo tí ẹ fi dán ìsè wò fún ọjà mọ́, ẹ má sì ṣí èyí tó ti hù. Ẹ sè é ní 121°C fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó dà á nù.

Nígbà tí a tún ìsè ṣe, tí àwo àdánwò rẹ̀ sì mọ́, a tún dán omi ìyá yẹn wò. Àwo mẹ́jọ ṣófo, méjì ní agbo ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ń ta omi rẹ̀ lọ. Kí ẹ rántí o: ágà yìí ń ka iye kòkòrò ni, kò lè sọ bóyá ti ìgbẹ́ wà nínú wọn. Ágà mìíràn ló wà fún ìyẹn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Mìlílítà 250 omitoro kà 6.8. Ẹ bu 25 sọ́tọ̀, ó gba mìlílítà 0.6 sódà aláìlágbára. Mìlílítà mélòó sódà líle ni ìyókù yóò gbà? (Ìdáhùn: 0.54.)
2. Àwo àkọ́kọ́ mọ́, àwo ìkẹyìn ní agbo mẹ́ta lójú ágà. Níbo ni ẹ ó ti wá ẹ̀bi náà?
3. Kí ló dé tí ojú ìwọ̀n fi lè kà 15 tí ìsè kò sì jinná?