Dídán Ìfaradà Ọmọ Wò Láì Dójú Tì Í
Eré mítà 100 ń fi ìyára hàn, kò fi ìfaradà ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró hàn. Bí ìfaradà ni olùkọ́ ní Fate fẹ́ mọ̀, kí àwọn ọmọ sáré lọ-bọ̀ láàrin ìlà méjì tí ó fi mítà 20 jìnnà síra, kí ìró tí wọ́n ń bá sáré máa yára sí i.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ dúró ni gbogbo ojú ń wò. Nítorí náà, kí mẹ́rin-mẹ́rin máa sáré, kí a sì kọ èsì sínú ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ kan bá sá ìgbà 18 ní sáà kìíní, tí ó sì sá 24 ní sáà kejì, lórí pápá kan náà, ní àárọ̀ kùtùkùtù bíi ti ìṣáájú, kí a kọ ọ́ pé: “O fi 6 lé ti àtẹ̀yìnwá.” Kí a má ṣe tò ó mọ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀.