Ìdájí ni tàbí Òru? Ìdáhùn sí Lẹ́tà kan láti Ọ̀bà-Àkókó

"Ọ̀gá mi, ọmọ ọdún 17 ni mí, ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì ni mo sì ń múra sílẹ̀ fún. Bàbá mi ní aago 4 ìdájí ni kí n máa jí kàwé; ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá ní òru ni kí n máa kà á. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ ara mi bí ẹ ti ní kí n ṣe, mo sì fi ohun tí mo kọ sílẹ̀ ránṣẹ́. Lójú tèmi, òru ló borí, ṣùgbọ́n Bàbá ní ọ̀lẹ ni mí. Ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí." — Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Ọ̀bà-Àkókó.

Ọmọ mi, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ìwé tí o fi ránṣẹ́ yìí, òru nìkan ni o jẹ́ kí ó rojọ́ tẹ́rùn, ìdájí kò tíì ráyè lanu.

Kí àwọn òǹkàwé yòókù lè bá wa lọ, ohun tí mo ní kí o ṣe ni pé, bí o bá ti fẹ́ kàwé, kí o kọ́kọ́ fi iye kan láti orí 1 dé 5 sọ bí ojú rẹ ti dá tó. Kí o ka ojú ewé méjì. Kí àbúrò rẹ sì bi ọ́ ní ìbéèrè 10 nínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí oorun òru kan bá ti kọjá lórí rẹ̀, nítorí ohun tí a kà tí kò sùn mọ́ni lórí, àlejò ni. Mo sì ní kí o kọ aago tí o sùn àti aago tí o jí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣírí náà wà, ibẹ̀ ni o kò sì wò.

Ní Ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, o jí ní aago 4, o fún ara rẹ ní 2, 2 àti 1, o sì gba ìbéèrè 4, 5 àti 3. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, o fún ara rẹ ní 4, o sì gba 7. Òótọ́ ni pé òru borí. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, aago 11 ni o tó fẹ̀yìn lélẹ̀, lẹ́yìn tí o ti bá ìyá rẹ palẹ̀ ọjà mọ́. Wákàtí 5 péré ni o fi sùn. Lẹ́yìn ìwé Ọjọ́bọ̀, aago 11 náà ni o sùn, ṣùgbọ́n aago 6 ààbọ̀ ni o jí. Ẹni tí ebi oorun ń pa ni o mú wá bá ẹni tó yó jìjàkadì.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nǹkan bí wákàtí méjì kí ẹnìkan tó jí bí ó ti máa ń jí ni ara rẹ̀ máa ń tutù jù, tí ọpọlọ rẹ̀ sì máa ń wúwo jù. Ìwọ tí ó ti mọ́ lára láti máa jí ní aago 6 ààbọ̀, ojú kòtò yẹn gan-an ni Bàbá ń fà ọ́ jáde ní aago 4, nínú ọyẹ́ orí òkè Àkókó pẹ̀lú! Ara ọ̀dọ́ a sì máa fẹ́ sùn pẹ́, kí ó sì jí pẹ́, nígbà tí agogo inú ara àgbà ti sún sí kùtùkùtù. Nítorí náà Bàbá kò purọ́ nípa ara tirẹ̀, ìwọ náà kì í sì í ṣe ọ̀lẹ.

Ní ti obì tí o jẹ ní alẹ́ Ẹtì, o fún ara rẹ ní 5, ojú rẹ là kedere, ṣùgbọ́n ìbéèrè 5 péré ni o gbà. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 5, ìdajì kafíìnì inú obì ṣì wà lára. Ìdí nìyẹn tí oorun kò fi kùn ọ́ títí di aago 1. Ojú tó là kì í ṣe ẹ̀rí pé ìwé wọlé.

Ẹlẹ́rìí tí mo gbà gbọ́ jù ni òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú. Iná lọ ní alẹ́ Àbámẹ́ta, o bínú sùn ní aago 9, o dá jí ní aago 5 ààbọ̀ láìsí ẹni tó jí ọ. O fún ara rẹ ní 4, o sì gba 7, gẹ́gẹ́ bíi ti Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ kan kò tó dájọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti dá ẹjọ́ padà sí kóòtù.

Nítorí náà, tún ọ̀sẹ̀ kan ṣe, kí oorun wákàtí 8 dọ́gba níhà méjèèjì, nítorí wákàtí 8 sí 10 ni ẹni ọjọ́ orí rẹ nílò. Ọjọ́ mẹ́ta, ka ìwé láti aago 8 ààbọ̀ sí 10 alẹ́, sùn ní 10 ààbọ̀, jí ní 6 ààbọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta mìíràn, sùn ní 9, jí ní 5, bọ́ sí ìta fún ààbọ̀ wákàtí kí oorun dá lójú, kí o tó ṣí ìwé. Má jẹ obì. Bẹ ìyá rẹ kí ó tètè máa yọ̀ǹda rẹ. Bí ìyàtọ̀ kò bá ju ìbéèrè kan lọ, mú òwúrọ̀, nítorí òwúrọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìdánwò rẹ yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé pẹ̀lú oorun wákàtí 8 o ṣì ń tòògbé ní kíláàsì, fi ìwé sílẹ̀ ná, lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò.