Bí A Ti Í Kí Biṣọpu, Lẹ́mọ́mù àti Àgbà Nínú Ìwé

Ẹ jẹ́ kí a mú olùkọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó fẹ́ kọ ìwé ìpè mẹ́ta fún ọjọ́ àṣeyẹ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀: ọ̀kan sí Biṣọpu ti Èkó, ọ̀kan sí Lẹ́mọ́mù Àgbà ti Èkó, ọ̀kan sí Olóyè Aṣọgbọ́n. Ìpè kan náà ni. Ṣùgbọ́n ìkíni wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Sí Biṣọpu, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ ohun tí ó túmọ̀ sí “Olúwa mi.” Ní èdè wa, Ọlọ́run ni ọkàn ẹni tí ó ń kà á yóò lọ sí. Nítorí náà “Baba wa nínú Ọlọ́run” ni ó yẹ; bẹ́ẹ̀ ni Ìwé Àdúrà ti ń pe Biṣọpu nígbà ìyàsọ́tọ̀. Kí a sì kíyèsí ìfọwọ́sí rẹ̀: orúkọ ìsàmì àti orúkọ ibùjókòó rẹ̀ ni Biṣọpu ń kọ. Bí a bá rí “Sámúẹ́lì, Èkó,” Èkó kì í ṣe orúkọ baba rẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ fèsì sí “Ọ̀gbẹ́ni Èkó.”

Sí Lẹ́mọ́mù, kí a má ṣe kọ “Àlùfáà” nìkan, nítorí ìjọ Kristi àti àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n jọ ń lo ọ̀rọ̀ náà. “Lẹ́mọ́mù Àgbà” ni kí a kọ. “Àlàájì” jẹ́ ti ẹni tí ó ti lọ sí Mẹ́kà. Bí olùkọ́ náà bá jẹ́ Mùsùlùmí, kí ó kọ “Àsàlámù àlékùn” ní kíkún. Bí ó bá jẹ́ Kristẹni, “Àlàáfíà fún yín, Baba wa” tó. Ọ̀rọ̀ àlàáfíà pàápàá láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá.

Sí Aṣọgbọ́n, oyè ni a ń kọ, kì í ṣe orúkọ. “Kábíyèsí” jẹ́ ti Ọba nìkan, ní Ìgá Ìdúngànràn. Kí a má sì kọ “Aṣọgbọ́n ọ̀wọ́n”. Àgbà ni ó ń pe ọmọ ní ọ̀wọ́n. Ọkùnrin yóò kọ “Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín,” obìnrin yóò kọ “Mo kúnlẹ̀ kí yín.”

Àárín ìwé ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ẹ̀yin” a máa gbàgbé, a sì kọ pé: “Inú wa yóò dùn bí o bá lè wá pẹ̀lú aya rẹ.” “Bí ẹ bá lè wá pẹ̀lú aya yín” ni ó tọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé Bíbélì ń pe Ọlọ́run ní “Ìwọ”. Èyíinì jẹ́ ti àdúrà, kì í ṣe ti ènìyàn tí ó jù wá lọ. Kí a tó di ìwé náà, kí a tún un kà, kí a wá “ìwọ,” “o,” “ọ” àti “rẹ” tí ó bá tọ́ka sí àgbà náà, kí a sì yí wọn padà. Bí ìwé kan bá sì dárúkọ Lẹ́mọ́mù fún Biṣọpu, “wọ́n” ni a ó kọ nípa Lẹ́mọ́mù, kì í ṣe “ó.”

Ní ìparí, “Èmi ni ọmọ yín” bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Sí Biṣọpu, a lè fi “nínú Olúwa” kún un.