Bí Àwa Mẹ́rin Yóò Ṣe Pín Nááfù Orí, Ipa-Ọ̀nà àti Èèpo Ọpọlọ

Ìdánwò ti ń sún mọ́lé. A ti fẹnu kò pé Ìṣẹ́ ni a ó ti máa pàdé ní gbogbo Sátidé, nítorí pé àárín Ìkẹ́rẹ́ àti Emùré ló wà, ará Ọ̀rùn náà kò sì ní í rìn jìnnà. Ohun tó kù ni bí a ó ṣe pín iṣẹ́ tí kò fi ní í pa ẹnì kan lára.

Orí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà níwájú wa. Àkọ́kọ́ ni nááfù orí, àwọn okùn 12 tó so ọpọlọ mọ́ ojú, etí, ẹnu, ọ̀fun àti inú ara. Ìkejì ni ipa-ọ̀nà, ìyẹn àwọn ìdì okùn tó ń gbé iṣẹ́ gòkè-sọ̀kalẹ̀ láàrin ọpọlọ àti ara. Ìkẹta ni èèpo ọpọlọ, níbi tí ìrísí, ìgbọ́ràn, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìrìn ti ní àyè tiwọn.

Mẹ́ta-mẹ́ta kò dọ́gba

Èrò tó wà nílẹ̀ ni pé nááfù 12 pín sí mẹ́rin, kí olúkúlùkù mú mẹ́ta. Létí, ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka iṣẹ́ tí nááfù kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ká má ka orúkọ nìkan.

Nááfù 4 ń darí iṣan kan ṣoṣo tó ń yí ẹyinjú. Iṣẹ́ kan nìyẹn. Nááfù 10 ńkọ́? Ó ń mú ohùn jáde, ó sì ń bá wa gbé oúnjẹ mì. Ó ń dín ìlù ọkàn kù, ó sì ń mú ìfun ṣiṣẹ́. Ó ń gbé ìròyìn láti àyà àti ikùn wá sí ọpọlọ. Ó ń mú ìmọ̀lára wá láti awọ inú ihò etí, ó sì tún ń gbé díẹ̀ nínú ìtọ́wò láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Iṣẹ́ márùn-ún ni. Ẹni tó mú nááfù 4 àti ẹni tó mú nááfù 10, ṣé wọ́n jọ mú ohun kan náà ni?

Mo ka gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ 26 ni mo rí. Bí a bá pín in ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹni tó mú nááfù 1 sí 3 yóò ní iṣẹ́ 4. Ẹni tó mú 4 sí 6 náà yóò ní 4. Ẹni tó mú 7 sí 9 yóò ní 11, ẹni tó kẹ́yìn yóò sì ní 7. Ẹnì kan yóò ti máa ṣeré bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹlòmíràn ṣì ń jẹ ìyà àtùpà.

Ipa-ọ̀nà pàtàkì mẹ́rin ni mo kà, mo sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 3: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti rékọjá sí òdìkejì ara, àti ibi tó parí sí. Ìyẹn jẹ́ 12. Ní èèpo ọpọlọ, mo fún apá iwájú ní 3, nítorí ìrìn, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìpinnu. Apá ẹ̀gbẹ́ etí ní 3, nítorí ìgbọ́ràn, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti ìrántí. Apá òkè ní 2, nítorí ìmọ̀lára àti mímọ ibi tí nǹkan wà. Apá ẹ̀yìn ní 1, nítorí ìrísí. Ìyẹn jẹ́ 9. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 47, tó túmọ̀ sí nǹkan bíi 12 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ìpín mẹ́rin tí mo gbé kalẹ̀

Mo pín in gẹ́gẹ́ bí àwọn nǹkan ṣe ń gbé pọ̀ nínú orí, kí ẹni tó ń kà á lè rí ìdí tí wọ́n fi wà papọ̀.

Ìpín kìíní: nááfù 1 sí 4, pẹ̀lú apá iwájú, apá ẹ̀gbẹ́ etí àti apá ẹ̀yìn èèpo ọpọlọ. Ó jẹ́ 12.

Ìpín kejì: nááfù 5 sí 8, tí wọ́n jáde ní pọ́ǹsì, agbedeméjì ìtì ọpọlọ, pẹ̀lú ipa-ọ̀nà kọ́tíkòbọ́bà, tó ń gbé àṣẹ láti èèpo ọpọlọ lọ sọ́dọ̀ àwọn nááfù orí. Ó jẹ́ 12.

Ìpín kẹta: nááfù 9 sí 12, tí wọ́n so mọ́ mẹ̀dúlà, ìsàlẹ̀ ìtì ọpọlọ. Kò ní ipa-ọ̀nà kankan, nítorí pé nááfù 9 àti 10 nìkan ti jẹ́ 10. Òun náà jẹ́ 12.

Ìpín kẹrin: ipa-ọ̀nà mẹ́ta tó kù, pẹ̀lú apá òkè èèpo ọpọlọ. Kọ́tíkòsípáínà ń gbé àṣẹ ìrìn sọ̀kalẹ̀, ó sì ń rékọjá ní ìsàlẹ̀ mẹ̀dúlà. Ọwọ̀n ẹ̀yìn ń gbé ìfọwọ́kàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti mímọ ibi tí ẹsẹ̀ wà, ó ń rékọjá ní mẹ̀dúlà. Sípáínòtalámíìkì ń gbé ìrora àti ooru, òun kò dúró dìgbà náà, inú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ló ti ń rékọjá. Ó jẹ́ 11. Nítorí pé ó fi 1 dín, ẹni tó bá mú un ni yóò máa ya àwòrán sójú pátákó.

Ìṣirò yìí ní ibi tó kù sí. Iye iṣẹ́ ló wọ̀n, kò wọn bí iṣẹ́ ṣe le tó. Mo fún nááfù 2 ní 1 nítorí pé ìrísí nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà rẹ̀ láti ẹyinjú dé ẹ̀yìn ọpọlọ gùn, ibi tó bá sì ti já ló ń pinnu apá ojú tí kò ní í ríran. Tí ẹni tó mú ìpín kìíní bá rí i pé ó wúwo ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ, kó sọ ọ́ ní Sátidé àkọ́kọ́, ká gbé apá iwájú fún ẹni tó mú ìpín kẹrin.

Ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan

Ewu tó wà nínú pínpín ni pé kí olúkúlùkù mọ tirẹ̀ nìkan. Ìdánwò kò ní í bi wá bẹ́ẹ̀, aláìsàn kò sì ní í ṣàìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí.

Ká sọ pé ìyá kan tó ń tajà l'Ọ́jà Ìkẹ́rẹ́ jí láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu rẹ̀ rọ̀, ẹnu wá wọ́ sí ọ̀tún. Nááfù 7 ló ń mú ojú ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹni tó mú ìpín kejì lè yára dáhùn pé nááfù 7 ti òsì ló bàjẹ́. Kó dúró ná. Ká ní kí ìyá gbé ìpéǹpéjú méjèèjì sókè, bí ẹni tí ẹnu ń yà.

Bí iwájú orí rẹ̀ lápá òsì bá ṣì ń hunjọ dáadáa, nááfù 7 ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìdí ni pé apá méjèèjì ọpọlọ ló ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí iwájú orí, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ojú ń gba tirẹ̀ ní pàtàkì láti òdìkejì. Tí ọ̀nà láti ọpọlọ ọ̀tún bá já, iwájú orí òsì ṣì ní ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ẹnu òsì kò ní. Ohun tó bàjẹ́ wà lókè, ní apá iwájú èèpo ọpọlọ tàbí ní kọ́tíkòbọ́bà. Ẹ̀gbà ni ká kọ́kọ́ fura sí, ilé ìwòsàn ni ká gbé ìyá lọ lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà ṣeé fún aláìsàn mọ́ bí wákàtí 4 àti ààbọ̀ bá ti kọjá láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìyá yìí sì ti ojú oorun jí bá a, nítorí náà a ní láti bi àwọn ará ilé pé ìgbà wo ni wọ́n rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá. A kò ní í fún un lómi tàbí ẹ̀kọ mu lọ́nà, títí wọ́n á fi yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò: ìpín kẹta ló máa ṣàlàyé pé nááfù 9 àti 10 lè má gbé e mì dáadáa, kó gba ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Bí iwájú orí òsì bá tẹ́ pẹrẹsẹ ńkọ́, tí ojú òsì kò sì ṣeé dì? Nígbà náà nááfù 7 fúnra rẹ̀ ló ní wàhálà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ pé kì í ṣe ẹ̀gbà. Inú pọ́ǹsì ni nááfù yìí ti gbéra, ẹ̀gbà lè lù ú níbẹ̀. Ká wo aládùúgbò rẹ̀, nááfù 6: ṣé ojú òsì ṣì lè wo ẹ̀gbẹ́ òsì? Ká wo apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bí ìwọ̀nyí bá rọ, pọ́ǹsì ni. Ojú òsì rọ, apá ọ̀tún rọ, nítorí pé kọ́tíkòsípáínà tó kọjá ní pọ́ǹsì òsì kò tíì rékọjá. Ó di mẹ̀dúlà. Ìpín kẹrin ló ni ìdáhùn yẹn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo, ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wọ inú rẹ̀.

Ìbéèrè Sátidé àkọ́kọ́

Ọ̀dọ̀ ọmọ Èkìtì ni mo ti mú èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí tí wọ́n bí ní 1935, ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn lórí àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n, tí ìrìn wọn ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tí ojú wọn ń ṣókùnkùn, tí etí wọn sì ń di. Ní 1968 ó gbé iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ *Brain*. Ó so àrùn náà mọ́ májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùwádìí mìíràn ti gbé ìbéèrè dìde sí i lẹ́yìn náà.

Ìbéèrè mi nìyí: ibo ló bàjẹ́? Ojú jẹ́ ti nááfù 2, etí jẹ́ ti nááfù 8. Ìrìn tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ ń burú sí i bí aláìsàn bá di ojú, nítorí pé ọwọ̀n ẹ̀yìn kò sọ ibi tí ẹsẹ̀ wà fún ọpọlọ mọ́, ojú ló fi ń rí ọ̀nà. Ẹ gbìyànjú láti rí ibì kan ṣoṣo nínú orí tí egbò kan ti lè ba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ní ọ̀tún àti òsì. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ wá sọ fún wa ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí aláìsàn ń jẹ.

Òfin wa kan ni pé ẹni tó kọ́ wa ní nǹkan kọ́ ni yóò dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Bí ẹni tó mú ìpín kejì bá ṣàlàyé nááfù 7 tán, ẹni tó mú ìpín kẹta ni yóò ya á láì wo ìwé. Bí kò bá lè yà á, a kò tíì pín nǹkan kan, a kàn pín orúkọ ni.

Nílé wa, àbúrò ló ń pín, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú. Ẹ̀gbọ́n wa ará Emùré ni yóò mú ṣáájú, lẹ́yìn náà ará Ìkẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ará Ọ̀rùn. Èmi tí mo pín in ni màá mú èyí tó bá kù. Ẹ fi èsì ránṣẹ́ kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó ṣú.