Àfikún Àbọ̀ Ìwádìí: Bí Ẹ̀rí Tuntun Bá Yọjú

Nínú ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ìgbìmọ̀ olùwádìí yóò ti jábọ̀ tán kí ẹ̀rí tí wọ́n wá tì tó yọjú. Kò tọ́ kí a fa àbọ̀ àkọ́kọ́ ya, tàbí kí a tún un kọ ní ìkọ̀kọ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn ti kà á, wọ́n sì lè ti gbé ìgbésẹ̀ lé e lórí. Àfikún àbọ̀ ni ó yẹ kí a kọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ẹgbẹ́ kan fi ₦640,000 lé akápò lọ́wọ́ láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ìgbìmọ̀ rí rìsíìtì fún ₦460,000, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìpínrọ̀ keje àbọ̀ wọn pé ₦180,000 kò ní ẹ̀rí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹni tí ó ta páìpù ti ìrìn àjò dé, ó sì mú ẹ̀dà rìsíìtì ₦150,000 jáde.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti yẹ ẹ̀rí náà wò. Kí ọmọ ìgbìmọ̀ méjì lọ wo odindi ìwé rìsíìtì náà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tí a kọ sí i gbọdọ̀ bá ti rìsíìtì tí ó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tí ó tẹ̀ lé e mu. Bí ó bá wà láàárín àwọn tí a já ní oṣù yìí, ṣùgbọ́n tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ti ọdún tí ó kọjá, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni a kọ ọ́. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n gbọ́ ti akápò, kí wọ́n sì gbọ́ ti ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn án, nítorí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Nígbà náà ni a ó tó kọ àfikún. Kí àkọlé rẹ̀ dárúkọ àbọ̀ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tí a fi í sílẹ̀. Kí ó sọ ohun tí a rí, bí ó ṣe dé ọwọ́ wa, àti ìdí tí a kò fi rí i tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbìmọ̀ ni kò dé ṣọ́ọ̀bù náà, kí wọ́n jẹ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ ọ́ báyìí:

“Ní ìpínrọ̀ keje, a sọ pé ₦180,000 kò ní ẹ̀rí. A ti rí ẹ̀rí ₦150,000 nínú rẹ̀. ₦30,000 ni kò tíì ní ẹ̀rí. Àwọn ìpínrọ̀ yòókù dúró bí wọ́n ti wà.”

Bí àbọ̀ àkọ́kọ́ bá ti dámọ̀ràn pé kí a yọ akápò nípò, àfikún gbọdọ̀ sọ bóyá ìmọ̀ràn náà ṣì dúró. Kí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ buwọ́ lù ú. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó kọ ìdí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó gba àbọ̀ àkọ́kọ́ ni yóò gba àfikún pẹ̀lú. Bí a bá sì ka ti àkọ́kọ́ ní ìpàdé gbogbogbòò, ibẹ̀ náà ni a ó ti ka èyí, kí orúkọ tí a bà jẹ́ ní gbangba má baà jẹ́ ìkọ̀kọ̀ ni a ti ń tún un ṣe.

Àfikún kò sí fún ẹni tí ó kàn yí èrò rẹ̀ padà. Bí ẹ̀rí tuntun bá sì wó ìpìlẹ̀ gbogbo àbọ̀ náà, kí ìgbìmọ̀ bẹ ẹgbẹ́ pé kí a tún ìwádìí náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.