Bí Ipò Tí O Wá Bá Bọ́ Sọ́wọ́ Ẹlẹgbẹ́ Rẹ

Ọmọ mi, bí ìwọ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ bá jọ wá ipò igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, tó sì bọ́ sí i lọ́wọ́, lọ kí i lójúkojú lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá di ọjọ́ kẹta, wọn á ní o ń bínú. Dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ tí o fojú rí: “Ẹ kú oríire o. Bí ẹ ṣe ṣètò ìdánwò tó kọjá, ipò yìí tọ́ sí yín.” Má fi “tèmi náà á dé” kún un; ó lè rò pé ò ń ráhùn. Bí o bá fẹ́ mọ ìdí tí wọn kò fi mú ọ, àwọn tó fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò ni kí o bi, lọ́jọ́ mìíràn.